Ṣé ẹrù tí ọmọ ń rù lórí ló ń dá gíga rẹ̀ dúró?

ÌyáTèmi, Ìkéré

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọkùnrin mi àkọ́bí ti lé díẹ̀ ní ọdún mọ́kànlá. Láti ìgbà tó ti wà ní píráímárì kẹta ló ti ń bá wa pọnmi láti ibi bóhò tó wà nísàlẹ̀ òkè, torí omi ẹ̀rọ kò dé ọ̀dọ̀ wa. Kẹ́ẹ̀gì kékeré ló fi bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ sí lítà 10, láti bí ọdún kan báyìí ló sì ti ń ru lítà 25. Ó máa ń ru kan tàbí méjì láàárọ̀ kó tó lọ sílé ìwé. Ti Sátidé máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí aṣọ fífọ̀.

Ìyá ọkọ mi wá kí wa, wọn ò tíì jókòó tán tí wọ́n fi ní, "Ẹ̀yin lẹ fi ẹrù tẹ ọmọ yìí mọ́lẹ̀. Ẹ wo àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀." Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹgbẹ́ rẹ̀ lóòótọ́. Nínú àwọn ọmọkùnrin kíláàsì rẹ̀, ẹnì kan péré ló kúrú jù ú lọ.

Èyí tó wá já mi láyà ni ti Sátidé tó kọjá. Bàbá rẹ̀ mú un dúró ti ògiri láàárọ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbi tí orí rẹ̀ dé. Nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn tó ti pọnmi títí dúrọ́ọ̀mù fi kún, a tún mú un dúró síbẹ̀. Orí rẹ̀ kò kan ìlà mọ́! Àlàfo tó wà níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìbú ìka. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé òótọ́ ni pé ẹrù ń mú ọmọ kúrú? Tó bá jẹ́ òótọ́, ṣé ó ṣì lè ga tá a bá dá a dúró nísinsìnyí?

ỌmọỌ̀tùn

Ìyá Tèmi, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Èmi tí mò ń kọ ọ́ yìí, oko kòkó la bí mi sí. Mo ru kòkó tútù, mo ru iṣu, mo ru igi ìdáná, kò sí ohun tí wọn ò gbé lé mi lórí. Lónìí, mo máa ń tẹrí ba kí n tó lè wọ ilé bàbá mi. Àwọn ọmọ ìlú ńlá tí kò ru nǹkan kan rí, ṣé gbogbo wọn ló ga ni? Ẹ mọ bí ìyá ọkọ ṣe máa ń sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kọ́mọ pọnmi.

Jíìmù_Adó

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀tùn, ẹ má fi ti ara yín nìkan ṣe òfin fún gbogbo ayé. Iṣẹ́ kí n máa kọ́ èèyàn ní eré ìdárayá ni mò ń ṣe, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ. Eegun ọmọdé kò rí bíi ti àgbà. Lẹ́nu ìpẹ̀kun eegun ọmọdé, apá kan wà níbẹ̀ tó rọ̀, ibẹ̀ gan-an ni eegun ti ń gùn. Tẹ́ ẹ bá gbé ẹrù wúwo tẹ ibẹ̀, kò ní lè gùn mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń gbé irin ní Òlíḿpíìkì fi kúrú. Ìyá ọkọ yín kò ṣẹ̀ rárá. Ẹ gba kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ ọmọ yẹn lónìí.

Nọ́ọ̀sì_Ìdó

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, Èkìtì kete. Mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ọmọ wẹ́wẹ́, ìbéèrè yìí kì í sì í tán lẹ́nu àwọn ìyá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti ìlà ṣọ́ọ̀kì yẹn kúrò nílẹ̀, torí òun ló já Ìyá Tèmi láyà jù.

Kò sẹ́ni tó ga nírọ̀lẹ́ bó ṣe ga láàárọ̀. Láàárín àwọn eegun ẹ̀yìn wa, tìmùtìmù rírọ̀ wà níbẹ̀ tí omi kún inú rẹ̀. Tá a bá ti dìde nílẹ̀, tá à ń rìn, tá à ń jókòó, omi á máa fún jáde díẹ̀díẹ̀, tìmùtìmù á sì pẹlẹbẹ sí i. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, èèyàn lè ti fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì kúrú. Tá a bá sùn, omi á padà wọlé, á tún gùn padà. Ẹrù máa ń mú kí ó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ni pé tẹ́ ẹ bá wọn ọmọ yín láìjẹ́ pé ó pọnmi, ó ṣì máa dín, àmọ́ bóyá kò ní dín tó báyẹn. Bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ mú un dúró ti ògiri kan náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ẹ ó rí i. Kò sí ohun tó ti sọ nù lára ọmọ náà. Ẹ kàn máa wọ̀n ọ́n láàárọ̀ nígbà gbogbo, kí ẹ má fi ti àárọ̀ wé ti alẹ́.

Ó kan ti Jíìmù. Àbúrò mi, ohun tẹ́ ẹ sọ nípa ìpẹ̀kun eegun, òótọ́ ni. Eegun itan àti eegun ojúgun ló ń fún wa ní gíga jù, ẹ̀bá orúnkún ni wọ́n sì ti ń gùn jù. Òótọ́ tún ni pé tí nǹkan bá tẹ ibẹ̀ pinpin, kò ní gùn bó ṣe yẹ. Àwọn oníṣègùn eegun máa ń lo ọgbọ́n yìí gan-an. Ọmọ tí orúnkún rẹ̀ méjèèjì ń kan ara wọn, wọ́n lè fi irin pẹlẹbẹ kékeré kan mú apá inú orúnkún rẹ̀, apá yẹn á dúró, apá òde á máa gùn, ẹsẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí irin yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́: ó wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọmọ sùn, ó wà níbẹ̀, ọmọ jí, ó wà níbẹ̀. Ẹrù orí kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ rù ú, ó rìn, wọ́n bá a sọ̀ ọ́, ó bọ́. Eegun tí wọ́n tẹ̀ tí wọ́n sì tún fi sílẹ̀ kì í dáwọ́ gígùn dúró. Fífò, sísáré àti bọ́ọ̀lù tí ọmọdé ń gbá ń tẹ orúnkún yẹn lójoojúmọ́, kò sì sẹ́ni tó sọ pé bọ́ọ̀lù ń mú ọmọ kúrú.

Ti àwọn tó ń gbé irin, ẹni tó kúrú ló rọrùn fún láti gbé e sókè, torí ọ̀nà tí irin máa gbà kò jìn. Àwọn tó kúrú ló dúró sídìí eré náà, àwọn tó ga ti lọ gbá básíkẹ́ẹ̀tì.

Nítorí náà, ẹrù kọ́ ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Ìyá Tèmi, ẹ bá mi wá àwọn nǹkan wọ̀nyí: báwo ni bàbá rẹ̀ ṣe ga, báwo ni ẹ̀yin ṣe ga, báwo lọmọ ṣe ga báyìí, kí ni ìwọ̀n rẹ̀ ní kílò, ṣé ẹ sì ní àkọsílẹ̀ kankan ti ọdún tó kọjá? Kí ló ń jẹ kó tó lọ pọnmi láàárọ̀?

MàmáẸlẹ́ja

Ẹ ṣé o, Nọ́ọ̀sì. Tèmi ni pé ọrùn ló ń dùn mí ṣáá. Ọdún pípẹ́ ni mo ti ń gbé ẹja gbígbẹ karí láti gáréèjì dé ìsọ̀ mi. Tí mo bá yí ọrùn sọ́tùn-ún á máa ró "kẹ́kẹ́kẹ́", nígbà mìíràn ọwọ́ mi á máa jó mi títí dé àtàǹpàkò. Egbòogi wo ni kí n máa fi pa á? Mi ò tíì kúrú o, ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ̀.

Nọ́ọ̀sì_Ìdó

Màmá, ti yín yàtọ̀ sí ti ọmọ, ṣùgbọ́n ó dáa bẹ́ ẹ ṣe dá a sílẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹrù orí ti ń ṣe ibi tó dájú. Ní Kóńgò, àwọn oníwádìí ya fọ́tò eegun ọrùn àwọn tó ń fi orí ru igi, wọ́n fi wé ti àwọn tí kì í ru nǹkan. Ọrùn àwọn arẹ́rù ti gbó ju ti àwọn yòókù lọ. Wọ́n ti ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ níbòmíràn ní Áfíríkà náà. Tí ọwọ́ bá ti ń jó yín dé àtàǹpàkò, kì í ṣe ohun tí ẹ ó máa fi òróró pa nìkan. Ẹ lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n wo ọrùn yín, kẹ́ ẹ sì wá ẹni tí yóò máa bá yín fi bárò ti ẹja. Tí ọwọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú tàbí tí nǹkan bá ń já bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ má dúró di ọ̀la.

BàbáTíṣà, Ìkọ̀lé

Mo kí gbogbo yín. Ohun kan wà tí kò tíì sí ẹni tó mẹ́nu bà. Mo kọ́ ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì mọ ọmọ tó ń ru ẹrù wúwo ní kíláàsì mi láì bèèrè. Òun ló ń pẹ́ dé. Òun ló ń sùn lórí tábìlì. Aṣọ ilé ìwé rẹ̀ tutù léjìká nítorí omi tó ta sílẹ̀. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kúrú. Ṣùgbọ́n mo tún mọ ilé wọn. Ọmọ tí wọ́n fi ń ru ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ kì í sábà wá láti ilé tí wọ́n ti ń fi ẹyin sínú oúnjẹ ọmọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe ìyá wọn. Oúnjẹ wọn kò tó, aràn wà nínú wọn, ibà ń ṣe wọ́n, kò sẹ́ni tó ń tọ́jú wọn. Èèyàn rí ọmọ tó kúrú, ó rí ẹrù lórí rẹ̀, ó wá ní ẹrù ló fà á. Kò rí abọ́ tó ń jẹun nínú rẹ̀.

Ẹ tún rò ó báyìí: nínú ìwádìí ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2018, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Nàìjíríà, mẹ́tàdínlógójì ló kúrú ju ohun tó yẹ ọjọ́ orí wọn lọ. Ọmọ ọdún méjì kì í ru kẹ́ẹ̀gì. Kí wọ́n tó gbé ẹrù àkọ́kọ́ lé ọmọ lórí ni ọ̀pọ̀ nínú kíkúrú yẹn ti wọlé.

Nọ́ọ̀sì_Ìdó

Bàbá Tíṣà, ẹ ti sọ ọ́ débi tí mo ń bọ̀. Láti inú oyún títí ọmọ fi máa pé ọdún méjì ni oúnjẹ àti àìsàn ń ba gíga jẹ́ jù. Ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe ṣáá, tí ẹ̀kọ lásán ni wọ́n fi já a lẹ́nu ọmú, tí wọn ò fún ní ẹ̀wà, ẹja tàbí ẹyin. Lẹ́yìn ọdún méjì ó ṣì lè bá díẹ̀ padà, ṣùgbọ́n kì í rọrùn.

ÌyáTèmi, Ìkéré

Mo dúpẹ́ o. Mo ti wọn gbogbo wa. Bàbá rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 165, èmi jẹ́ 154. Ọmọ jẹ́ 134 láàárọ̀ yìí, láìwọ bàtà. Kẹ́míìsì tó wà lójú ọ̀nà bá wa wọn kílò rẹ̀, ó jẹ́ 27. Ọpẹ́lọpẹ́ bàbá rẹ̀ tó máa ń fi bírò sàmì sára férémù ilẹ̀kùn nígbà tí wọ́n bá fẹ́ wọlé sí kíláàsì tuntun: ti ọdún tó kọjá jẹ́ 129, ti èyí tó ṣáájú ẹ̀ jẹ́ 124 àtààbọ̀.

Ti oúnjẹ, ojú ń tì mí láti sọ ọ́, àmọ́ kì í jẹ nǹkan kan kó tó lọ pọnmi. Tó bá dé, ó ti pẹ́, á mu gàárì tàbí kó mú owó fi ra búrẹ́dì lójú ọ̀nà. Oúnjẹ gidi rẹ̀ dọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Iyán wa kì í tán, ẹran ló máa ń ṣọ̀wọ́n.

Nọ́ọ̀sì_Ìdó

Ẹ ṣé gan-an. Férémù ilẹ̀kùn yẹn wúlò ju gbogbo ohun tá a ti sọ láti àárọ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹ̀yin òbí. Fún ọmọkùnrin, a máa ń ro gíga bàbá pọ̀ mọ́ ti ìyá, a ó fi 13 lé e, a ó pín in sí méjì. Fún obìnrin, a ó yọ 13 kúrò ni. 165 àti 154 jẹ́ 319. Fi 13 lé e, ó di 332. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 166. Ibi tí ọmọ yín ń lọ nìyẹn tó bá dàgbà tán, ó lè fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ lé tàbí kó fi dín. Ẹ̀yin méjèèjì kò ga, òun náà kò ní ga bí ọmọ ẹni tó ga. Mo gbọ́dọ̀ sọ pé ìṣirò yìí ní ibi tó kù sí o: tó bá jẹ́ pé ebi ló gé bàbá rẹ̀ kúrú nígbà tí òun náà wà lọ́mọdé, ọmọ rẹ̀ tó ń jẹun dáadáa lè kọjá ibẹ̀.

Ọmọkùnrin tó lé díẹ̀ ní mọ́kànlá, nínú ìwé òṣùwọ̀n Àjọ Ìlera Àgbáyé, àárín gbùngbùn jẹ́ bíi 144. Ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ 131 la máa ń pè ní ẹni tó kúrú ju bó ṣe yẹ lọ. Ti yín jẹ́ 134. Ó wà lápá ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì já sísàlẹ̀ ìlà.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún mi ni bó ṣe ń yára sí. Láti 124 àtààbọ̀ sí 129 jẹ́ mẹ́rin àtààbọ̀. Láti 129 sí 134 jẹ́ márùn-ún. Kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàlágà, sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí mẹ́fà lọ́dún ló wọ́pọ̀. Tí ì bá jẹ́ mẹ́ta, ọwọ́ mi ì bá ti wà lórí fóònù. Ẹ sì wò ó: ọdún tó fi ru lítà 10, mẹ́rin àtààbọ̀ ló fi ga. Ọdún tó fi ru lítà 25, márùn-ún. Tó bá jẹ́ pé ẹrù ló ń dá a dúró, ó yẹ kí èyí tó kẹ́yìn kéré sí i. Mi ò fi ìyẹn nìkan dájọ́, torí ìdajì sẹ̀ǹtímítà lè jẹ́ àṣìṣe ẹni tó di bírò mú, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó jọ pé ọmọ yìí dúró sójú kan.

Ẹ jẹ́ kí ẹni kan náà máa wọ̀n ọ́n. Kí gìgísẹ̀, ìdí àti èjìká kan ògiri, kí ojú wo iwájú tààrà, kẹ́ ẹ fi ìwé tó nípọn lé orí rẹ̀, kí igun ìwé náà kan ògiri dáadáa kẹ́ ẹ tó sàmì. Oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ti tó. Ẹni tó ń wọn ọmọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, àìsùn ló ń wá.

Àmọ́ o, mi ò sọ pé kó máa ru lítà 25 lọ. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan. Kẹ́ẹ̀gì yẹn pẹ̀lú omi inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọmọ náà fúnra rẹ̀! Ẹ sì ń fi ebi gbé e gun òkè láàárọ̀. Tí ọ̀nà kan bá wà tí ẹrù lè fi kan gíga rẹ̀, ibẹ̀ ni: agbára tó yẹ kí ara fi dàgbà, òkè ni ó ń ná an lé, kò sì sí ohun tó ń dá a padà. Kó jẹun kó tó lọ, bó tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ àti àkàrà méjì. Kí ẹ máa fọ́ ẹja yọyọ sínú ọbẹ̀, tàbí edé, torí eegun wẹ́wẹ́ inú ẹja náà àti èèpo edé dáa fún eegun rẹ̀. Kí ẹ sì rí i pé ó ń lo oògùn aràn.

Jíìmù_Adó

Mo gba ti irin orúnkún yẹn, Nọ́ọ̀sì, mi ò gbọ́ ọ rí. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n ti fi ẹ̀rọ wọn àwọn obìnrin Lúò àti Kìkúyú ní Kẹ́ńyà, tí wọ́n ń fẹrù rìn? Ọdún 1986 nìyẹn. Wọ́n rí i pé ẹrù orí kò gba agbára kankan lára wọn rárá. Ó jọ pé bí wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀ ló jẹ́ kó fúyẹ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ pé agbára ọmọ ń tán lórí òkè kò fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Ìdó

Ẹ kà á, àmọ́ ẹ ò kà á tán, àbúrò mi. Títí dé ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara wọn ni kò fi gba agbára kún un. Tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ara bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó. Àgbàlagbà tó ti mọ̀ ọ́n rù láti ìgbà pípẹ́ sì ni wọ́n, ilẹ̀ tó tẹ́jú ni wọ́n sì ti wọ̀n wọ́n. Ìdá kan nínú márùn-ún ọmọ kílò 27, kílò márùn-ún àti díẹ̀ ni. Kẹ́ẹ̀gì lítà 5 nìyẹn.

ỌmọỌ̀tùn

Lítà 5! Ta ló ń pọn lítà 5 ní Èkìtì? Ìgbà wo ni dúrọ́ọ̀mù fẹ́ kún? Ọmọ á lọ bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, àkókò tí ì bá fi kàwé á tán lójú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó ṣeé ṣe.

BàbáTíṣà, Ìkọ̀lé

Ọ̀rọ̀ Ọ̀tùn kì í ṣe èyí tó yẹ ká fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mú ọmọ gbé ohun tó wúwo débi tí yóò fi pa ìdàgbàsókè rẹ̀ lára, àní kó jẹ́ ọmọ ẹni. Òfin yẹn kò sọ iye kílò. Tèmi ni pé kí bàbá rẹ̀ ru ti lítà 25, kí ọmọ ru ti rẹ̀. Ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ bàbá kì í gbé kẹ́ẹ̀gì karí. Kí wọ́n fi ejìká gbé e.

Nọ́ọ̀sì_Ìdó

Ẹ̀rín pa mí. Fún báàgì ẹ̀yìn tí ọmọ ń gbé lọ sílé ìwé, ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ọmọ, ó pọ̀ jù ìdá kan àtààbọ̀ nínú mẹ́wàá, làwọn oníṣègùn máa ń sọ. Fún ẹrù orí ọmọdé, kò sí iye kan tí gbogbo wọn fẹnu kò lé lórí. Èmi máa ń sọ fún àwọn ìyá pé lítà 5 fún ọmọ tó wà ní ọjọ́ orí yìí, Ọ̀tùn ní kò ṣeé ṣe, bóyá ẹlòmíràn á sì ní lítà 10 kò burú. Ohun tí mi ò ní gbà ni kẹ́ẹ̀gì tí ọmọ kò lè fúnra rẹ̀ gbé rù. Tó bá ti ń ké sí ẹni tó ń kọjá pé "ẹ bá mi gbé e rù", tí kò sì sẹ́ni tó máa bá a sọ̀ ọ́ nílé, ẹrù yẹn ti ju tirẹ̀ lọ. Ìgbà tó ń gbé e rù àti ìgbà tó ń sọ̀ ọ́ ni ọrùn máa ń yí, tí ẹsẹ̀ sì ń yẹ̀. Ọmọ tó bá ṣubú lórí àpáta pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì, tó sì ṣẹ́ lẹ́bàá ọwọ́ tàbí orúnkún níbi tí eegun ti ń gùn, apá ibẹ̀ lè má gùn dáadáa mọ́, tàbí kó wọ́. Ìyẹn gan-an ni mo ti rí kí ẹrù mú ọwọ́ ọmọ kan kúrú ju èkejì lọ. Kí òṣùká rẹ̀ sì nípọn, kó máa fẹ̀. Aṣọ tí wọ́n kàn ká bíńtín sórí kì í gbé ẹrù dúró.

Ọlọ́mọge_Ìsẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Ọmọbìnrin mi pé ọdún mẹ́rìnlá. Ó wà lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Adó láti ọdún kan àtààbọ̀, ó ń bá a kiri ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú àwo. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ mi ó ń ga bíi kí ni. Láti ìgbà tó ti débẹ̀, bóyá ni ó fi sẹ̀ǹtímítà kan ga. Mo ti pe àǹtí rẹ̀, a ti bú ara wa. Mo fẹ́ lọ mú ọmọ mi wálé. Ṣé ẹ lè sọ fún mi pé ẹrù ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn kọ́?

Nọ́ọ̀sì_Ìdó

Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù?

Ọlọ́mọge_Ìsẹ̀

Ó kù díẹ̀ kó pé méjìlá. Ó ti ga jù mí lọ díẹ̀ báyìí.

Nọ́ọ̀sì_Ìdó

Ẹ lọ bẹ àǹtí rẹ̀. Ọmọbìnrin máa ń ga sókè gan-an kó tó rí nǹkan oṣù àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí méje ló sábà ń kù, á sì lọ tán láàárín nǹkan bí ọdún méjì. Ọmọ yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tán kó tó kó lọ sí Adó. Ì bá jókòó sọ́dọ̀ yín láìru nǹkan kan, ibi tó máa dé náà nìyẹn. Bó bá ń pàdánù ilé ìwé nítorí kíkiri, ìyẹn ni kẹ́ ẹ tìtorí rẹ̀ lọ mú un wálé.

ÌyáTèmi, Ìkéré

Tèmi wá ńkọ́? Ṣé kí n mú un lọ sílé ìwòsàn báyìí, àbí kí n dúró? Ìyá ọkọ mi ṣì wà nílé o, wọ́n ní kò sí ìwé tó lè sọ ohun tí ojú àwọn ti rí.

Nọ́ọ̀sì_Ìdó

Bí ọmọ náà bá ń ṣeré, tí kò ṣàìsàn ṣáá, ẹ lè dúró. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Tí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà méjì, ẹ máa bọ̀, kẹ́ ẹ sì kọ gbogbo àmì ara férémù yẹn sínú ìwé wá pẹ̀lú jẹnotáìpù rẹ̀, torí àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde máa ń pẹ́ kí wọ́n tó dàgbà. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tẹ̀, tàbí tí kò bá sí àmì bíbàlágà kankan nígbà tó bá pé mẹ́rìnlá, ẹ má tún dúró de oṣù mẹ́fà kankan. Ti ìyá ọkọ yín, ẹ wọn àwọn náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

ỌmọỌ̀tùn

Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ta bárò onítáyà kan ní Ìkéré, tí kò wọ́n jù? Torí òkè yẹn, tó bá jẹ́ onítáyà méjì, kò ní ṣeé tì gba ojú ọ̀nà ẹsẹ̀.